Ìpolówó ní òun ta 31, Google Analytics ní 14: ẹ sọ ìrírí yín

Aláṣọ òkè, Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ads Manager Fesibúùkù kọ ọ́ pé ìpolówó mi ta ọjà 31. Google Analytics ní 14 péré ló ti Fesibúùkù wá, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọ́dà tí ìkànnì mi gbà lọ́sẹ̀ náà kò ju 40 lọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ará Ọ̀fà: Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kà á, Àlájà. Báyìí ló rí fún mi: buráúsà oníbàárà ń ròyìn ọjà, sáfà ìkànnì náà sì ń ròyìn ọjà kan náà. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ìdánimọ̀ kan náà, event_id, ránṣẹ́ fún ọjà kan ni ó tó dáwọ́ dúró.

Olùpolówó, Òmù-Àrán: Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àlájà, ẹ kọ́kọ́ ṣí "Compare attribution settings" lábẹ́ "Columns", kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Aláṣọ òkè: 7-day click jẹ́ 19, 1-day view jẹ́ 12.

Olùpolówó: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn 19 tẹ ìpolówó, wọ́n sì rajà kí ọjọ́ 7 tó pé. Àwọn 12 yẹn kò tẹ ìpolówó rárá. Wọ́n rí i, wọ́n sì rajà kí ọjọ́ kan tó pé. Ọ̀nà tí ènìyàn gbà wọ ìkànnì nìkan ni Analytics mọ̀, nítorí náà kò lè mọ̀ pé wọ́n rí ìpolówó. Ó wá ku 5 láàárín 19 àti 14. Ẹni tó bá tẹ ìpolówó ní ọjọ́ Ajé, tó sì gba orí Google padà wá rajà ní Ọjọ́bọ̀, ṣì wà nínú gbèdéke ọjọ́ 7 Fesibúùkù, ṣùgbọ́n Google ni "Traffic acquisition" inú Analytics yóò kọ ọjà náà fún. Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ ẹ́ ni Fesibúùkù yóò kọ ọ́ sí, Ọjọ́bọ̀ ni Analytics yóò kọ ọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí iye ọjà àná ṣì lè pọ̀ sí i lọ́la nínú Ads Manager.

Aláṣọ òkè: Òótọ́ ni! Ìyàwó ojú ọ̀nà kan sọ fún mi pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni òun tẹ̀ sí Google, nígbà tí òun àti ìyá òun ti fẹnu kò lórí àwọ̀.

Oníṣòwò gàárì, Ìlọrin: Tèmi, Wasáàpù ni wọ́n ti ń ra gbogbo rẹ̀, Analytics sì ń kọ òdo. Ṣé gbèdéke ló fà á?

Olùpolówó: Rárá o, ìyá wa. Ọjà yín kò parí lórí ìkànnì, kò sí ohun tí Analytics fẹ́ kà.

Ará Ọ̀fà: Ṣé kí Àlájà wá yọ 12 yẹn kúrò ni?

Olùpolówó: Èmi máa ń fi 7-day click nìkan pinnu owó ìpolówó, pàápàá nígbà tí àwọn oníbàárà àtijọ́ bá wà lára àwọn tó ń rí i, torí wọ́n lè ti fẹ́ rà á tẹ́lẹ̀.

Ará Ọ̀fà: Èmi kò fara mọ́ ọn. Ojú ni a fi ń ra aṣọ òkè. Ẹni tó rí i tí kò tẹ̀ ẹ́ lè tìtorí rẹ̀ wá.

Aláṣọ òkè: Mẹ́ta lára àwọn tó rajà lọ́sẹ̀ náà ti ń ra ọjà mi tipẹ́. N kò mọ̀ bóyá wọ́n wà nínú 12 ọ̀hún, nítorí Ads Manager kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.