Ìwé owó oṣù bàbá mi, "The Post Office" ló wà lórí ẹ̀: ilé-iṣẹ́ wo ni kí n wá?

Adéọlá, Dágẹ́nàmù
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ṣiṣẹ́ òru ní Mount Pleasant ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń to lẹ́tà, láti 1979 títí di 1986. Wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta tipẹ́. Ìwé owó oṣù wọn wà lọ́wọ́ mi, "The Post Office" ni wọ́n kọ sórí ẹ̀. Mo fẹ́ wá owó ìfẹ̀yìntì wọn. Mo wọ ìkànnì Companies House, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, mo tẹ "Post Office", mo rí Post Office Limited, nọ́ńbà 02154540. Àmọ́ 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀! Bàbá mi ti kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn. Ṣé orúkọ ni wọ́n yí padà ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀?

Bọ̀dé, Mansẹ́sítà
Kò le rárá. Lójú ewé ilé-iṣẹ́ yẹn, wo apá ìsàlẹ̀, wàá rí "Previous company names". Orúkọ tó ti jẹ́ rí wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ àti ọjọ́ tó fi í sílẹ̀. Consignia ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, mo rántí ariwo tí àwọn èèyàn pa nígbà náà. Consignia ni kí o kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Káyọ̀dé, Bẹ́míńgámù
Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà, fọ́ọ̀mù NM01 ni. Ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíì ò tíì máa jẹ́ orúkọ náà.

Àǹtí Fọlákẹ́, Lẹ́wíṣàmù
Káyọ̀dé, ìtàn ilé-iṣẹ́ ló ń wá, kò fẹ́ yí orúkọ kankan padà. Àmọ́ àkọsílẹ̀ ìyípadà orúkọ á wúlò fún un. Tó bá ṣí "Filing history", ibi tí wọ́n ti yí orúkọ á hàn, wọ́n á kọ "Company name changed", orúkọ àtijọ́ á tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí tuntun jáde.

Bọ̀dé, ibi tí o ní kó wò dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe Post Office Limited ló jẹ́ Consignia. Post Office Counters Limited lòun ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ta sítáǹbù lójú káńtà. 1987 ni wọ́n yọ wọ́n sọ́tọ̀ bí ilé-iṣẹ́ tiwọn, 2001 ni wọ́n sì yí orúkọ padà. Consignia plc ní nọ́ńbà tirẹ̀, 04138203, òun ló wá di Royal Mail Group ní 2002. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn dípò orúkọ, ẹ ó rí i.

Adéọlá, ọjọ́ tí o rí yẹn gan-an ló yẹ kó ta ọ́ lólobó. Ilé-iṣẹ́ lè yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ kì í yí. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ bá ti wà kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyípadà orúkọ kọ́. Ẹlòmíì ló gbà wọ́n síṣẹ́, tí iṣẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun nígbà tó yá. "Previous company names" kì í sọ irú ìyẹn fún ọ.

The Post Office tí bàbá ẹ bá ṣiṣẹ́, òfin ló dá a sílẹ̀, Post Office Act 1969. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Companies House, nítorí náà bí o bá tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, o ò ní rí i níbẹ̀. Ní March 2001, lábẹ́ Postal Services Act 2000, ni iṣẹ́ rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ Consignia. Legislation.gov.uk lo ti máa ka òfin méjèèjì. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òmíràn, ìṣirò owó ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kí o ṣí nínú "Filing history". Ìròyìn àwọn olùdarí lè sọ ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Adéọlá, Dágẹ́nàmù
Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tún rí Royal Mail plc kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013. Ṣé òun náà kọ́?

Àǹtí Fọlákẹ́, Lẹ́wíṣàmù
Òun náà kọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi ta ìpín ìdókòwò fáráyé ní 2013, ní 2022 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí International Distributions Services. Royal Mail Group ló wà lábẹ́ ẹ̀. Orúkọ wọ́n jọra, nọ́ńbà ò jọra.

Ní ti owó, àǹfààní kan wà: láti April 2012 ni ìjọba ti gba ẹrù owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ yẹn sọ́rùn, Royal Mail Statutory Pension Scheme ni orúkọ ètò náà. "The Post Office" ni kí o kọ síbi agbanisíṣẹ́, bó ṣe wà lórí ìwé, kí o fi Mount Pleasant, àwọn ọdún wọn àti nọ́ńbà National Insurance wọn kún un. Má kọ Consignia, kò tíì sí nígbà yẹn. Pension Tracing Service náà wà, ọ̀fẹ́ ni, kò sídìí tí o fi máa sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Mopélọlá, Líìdì
Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, tèmi ṣòro díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá ṣiṣẹ́, n ò ní dárúkọ wọn. Orúkọ tí wọ́n ń fi ṣòwò ni mo mọ̀, mo tẹ̀ ẹ́, kò jáde.

Àǹtí Fọlákẹ́, Lẹ́wíṣàmù
Orúkọ ìṣòwò ò sí nínú ìwé Companies House. Ìwé àkọsílẹ̀ ti wà fún un rí, láti 1916, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1982. Lónìí, ìsàlẹ̀ ìkànnì wọn ni kí o lọ: òfin ní kí ilé-iṣẹ́ kọ ojúlówó orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Bí ìkànnì náà bá ti kú, fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú web.archive.org, kí o yan ọdún tí o wà níbẹ̀, kí o sì ka ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, mú ọdún mìíràn. Bí orúkọ ìṣòwò bá dúró ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà yàtọ̀, òwò náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn.

Sístà Bọ́lá, Hústọ̀n
Ní Téksásì níbí, ìwé orúkọ ìṣòwò wà, "assumed name" ni wọ́n ń pè é. Láti September 2019, ọ̀dọ̀ Secretary of State nìkan ni ilé-iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ ń fi tiẹ̀ sí. Ti àtijọ́ ni ẹ máa lọ bá akọ̀wé káńtì fún.

Mopélọlá, Líìdì
Àǹtí, mo rí nọ́ńbà o. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ló wà, wọ́n pààrọ̀ orúkọ mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà! Orúkọ tí ìkínní ń jẹ́ báyìí ni "Previous company names" ti ìkejì.

Àǹtí Fọlákẹ́, Lẹ́wíṣàmù
Mo ti rí irú ẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ṣe é tí wọ́n bá fẹ́ kí gbèsè dúró sínú ọ̀kan kí orúkọ tó dáa lọ sọ́dọ̀ ìkejì, àmọ́ ó lè jẹ́ àtúntò lásán. Yọ ọjọ́ ìpààrọ̀ yẹn, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ni P60 ẹ, ìwé owó orí ọdọọdún yẹn, sọ? Ojúlówó orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀ bí?

Mopélọlá, Líìdì
Orúkọ ìṣòwò nìkan ni, àti nọ́ńbà PAYE. Àárín oṣù tí wọ́n pààrọ̀ ni mo sì bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́, Lẹ́wíṣàmù
Nọ́ńbà PAYE ò sí ní Companies House. Bèèrè àkọsílẹ̀ ibi tí o ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ HMRC, àjọ owó orí, kí o wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn. Bí orúkọ ìṣòwò ló tún bá jáde, àdéhùn iṣẹ́ tí o fọwọ́ sí la máa gbé wò. Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?