Ìlànà ààbò dátà ojú ìwé 38: mo sọ ọ́ di «máa ṣe, má ṣe», òṣìṣẹ́ wa ò kà á

Ìyá Òfin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀gá gbé ìwé ìlànà ààbò dátà lé mi lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé 38, ó ní kí n sọ ọ́ di nǹkan tí òṣìṣẹ́ á kà tán ní ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Ọgbọ̀n ìlà ni mo kọ, «máa ṣe» mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, «má ṣe» mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo tún fi rọ́bà bò ó kó má baà ya, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnì kan fi lẹ ìwé àwọn tó máa ṣiṣẹ́ alẹ́ lé e lójú! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló wá sọ mí ní Ìyá Òfin. Ó dáa, mo ti gba orúkọ náà.

Ẹ wo díẹ̀ lára ohun tí mo kọ: «Máa dáàbò bo dátà aláìsàn nígbà gbogbo.» «Má ṣe fi dátà han ẹni tí kò láṣẹ.» «Má ṣe sọ páásíwọọdù rẹ fún ẹnikẹ́ni.» Kí ló ṣòro níbẹ̀? Kí ni mo lè ṣe tí wọ́n á fi kà á?

Arẹ́rìn-ín: Tiyín sàn. Tèmi kì í ju ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń tán. Ẹ pa gbogbo áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lórí fóònù yín, ẹ má jẹ́ kí fídíò máa ṣí fúnra rẹ̀.

Bàbá Kékeré: Arẹ́rìn-ín, dátà tí a ń rà sórí fóònù kọ́ ni wọ́n ń wí o, ọ̀rọ̀ nípa aláìsàn ni. Ìyá Òfin, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ọgbọ̀n ìlà? Èmi gan-an ò kà á dé ìparí tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ yàrá mi. Ẹ gé e sí mẹ́wàá.

Alákòóso Fáìlì: Kí ẹ tó gé e, àwọn wo lẹ kọ ọ́ fún? Iṣẹ́ wo ni kálukú wọn ń ṣe?

Ìyá Òfin: Ilé ìwòsàn kékeré ni. Mẹ́rin ló wà ní káńtà, akáṣíà méjì, máígádì méjì, agbálẹ̀ kan. Ìwé kan náà ni mo kọ fún gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n ṣe ojúsàájú.

Alákòóso Fáìlì: Ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́. «Ẹni tí kò láṣẹ», ta nìyẹn lójú máígádì? Ẹ fi ìwé olójú ìwé 38 yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ lọ jókòó ti kálukú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ máa kọ gbogbo ìgbà tí orúkọ tàbí nọ́ńbà èèyàn bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: ó gbà á, ó fi í hàn, ó fi í ránṣẹ́, ó dà á nù. Máígádì yín ní ìwé àlejò, àbí? Ẹni tó bá wá kọ orúkọ rẹ̀ á ka orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ti máígádì ò ju ìlà mẹ́ta lọ. «Fi páálí bo orúkọ àwọn tó ti kọ. Má jẹ́ kí àlejò ṣí ìwé sẹ́yìn. Ìwé tó bá kún, gbé e fún ẹni tó ń tọ́jú fáìlì, má gbé e relé.» Òun ò nílò kankan lára ọgbọ̀n ìlà yẹn.

Ọmọ Káńtà: Ẹ fi wákàtí 72 sí i o. Tí dátà bá jò, wákàtí 72 ni òfin fún yín láti sọ. Ó wà nínú ìlànà tiwa, ó sì wà lára ògiri.

Alákòóso Fáìlì: Òótọ́ ni pé òfin púpọ̀ dárúkọ wákàtí 72, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ló ní i, láti fi kàn sí àwọn aláṣẹ. Tí ẹ bá kọ ọ́ fún akáṣíà tó sọ ìwé owó nù, á rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun ní láti fi wá a lábẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kó rí níbẹ̀ ni orúkọ ẹni tó máa pè àti nọ́ńbà rẹ̀: «Pè é lójú ẹsẹ̀, má pa nǹkan kan rẹ́.»

Bàbá Kékeré: Kò sẹ́ni tó máa pè tí ẹ bá máa ń gé owó oṣù ẹni tó pè.

Ìyá Òfin: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ fóònù ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Ọkùnrin kan pè, ó ní, «Ọjọ́ wo lẹ fún ìyàwó mi? Ó ti gbàgbé.» Ọmọ tó wà ní káńtà ṣí kọ̀ǹpútà, ó ní, «Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá.» Wọn ò gbé pọ̀ mọ́, obìnrin náà ti sá fún un. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin náà ti dúró sẹ́nu géètì. Máígádì ló gbé obìnrin náà gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀ pé ọkọ náà wà lára «ẹni tí kò láṣẹ».

Alákòóso Fáìlì: Ọmọ náà ò purọ́. Ohun tó nílò ni gbólóhùn tó máa bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ báyìí fún káńtà: «Má sọ fún ẹni tó pè pé ẹnì kan ń wá síbí tàbí kì í wá, ì báà jẹ́ ọkọ, ìyá tàbí ọ̀gá ẹni náà. Sọ pé: Ẹ má bínú, a kì í sọ ẹni tó ń wá lórí fóònù. Ẹ ní kí ẹni náà pè wá fúnra rẹ̀.» Kó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kódà tí a ò bá mọ ẹni náà rí. Tó bá ń sọ «kò sí orúkọ yẹn níbí» fún àwọn kan, ẹni tí kò bá sọ ọ́ fún á mọ̀ pé orúkọ wà.

Tó bá jẹ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ló pè ńkọ́? Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní káńtà rí: òṣìṣẹ́ ka ọjọ́ ìbí náà sókè, ó ní «àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?», ẹni tó pè ní «bẹ́ẹ̀ ni». Ẹlòmíràn ló pè. Bẹ́ẹ̀, ọkọ mọ ọjọ́ ìbí ìyàwó, nítorí náà kó gbé fóònù sílẹ̀, kó pe nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì. Kó má pe nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ọmọ Káńtà: Tó bá jẹ́ pé ọkọ ló mú fóònù tó wà nínú fáìlì dání ńkọ́?

Alákòóso Fáìlì: Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá pé nọ́ńbà wo ni a lè pè láìséwu. Síbẹ̀, kò dí gbogbo ihò.

Bàbá Kékeré: Ti páásíwọọdù yẹn ńkọ́? Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ìyá Òfin: Páásíwọọdù kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní káńtà ń lò. Ó wà lórí ìwé pélébé lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ní alaalẹ́, ọ̀gá á ní kí wọ́n ya orúkọ àwọn aláìsàn ọjọ́ kejì ní fọ́tò sí Wáàsáàpù òun, látorí fóònù ara wọn. Mo mọ̀. Kí ẹ tó sọ ọ́, mo mọ̀. Ó tún ní kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ yìí, kó lè jẹ́ pé ọrùn wọn ló wà.

Alákòóso Fáìlì: Ìyá Òfin, ẹ yọ ìlà páásíwọọdù kúrò lónìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i. Ẹ ò lè ní kí wọ́n má ṣe ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń fipá mú wọn ṣe. Ẹ kọ nǹkan méjèèjì, páásíwọọdù kálukú àti fọ́tò alẹ́, sínú ìwé sí ọ̀gá, kí ẹ fi nọ́ńbà ìpín inú ìlànà náà tì í. Tó bá ti tún un ṣe, ìlà náà á padà.

Bàbá Kékeré: Tí kò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Òfin: Ọ̀gá tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ni.

Bàbá Kékeré: Háà.

Alákòóso Fáìlì: Ẹ ṣì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má bá a sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

Ìyá Òfin: Mo ti gbọ́. Mo ti fún máígádì ní ìlà mẹ́ta rẹ̀. Ó gé páálí oògùn, ó fi ń bo ìwé àlejò. Orúkọ aláìsàn kan wà lára páálí náà. Mo ti ní kó wá òmíràn.