Ẹ gbà mí o: mo ti dín kókó fírémù kù, mẹ́mórì géèmù mi kò sì dín kù rárá

Eléré Òru (ẹni tó béèrè): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Orí mi ti gbóná. Ọdún méjì ni mo ti wà lórí géèmù fóònù yìí, Unity ni mo fi ń ṣe é. Èmi nìkan ni mò ń kọ kóòdù rẹ̀, ẹnì kan ló bá mi ya àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ tó sì mú wọn rìn. Látìgbà tí mo ti fún àwọn èèyàn ní ẹ̀dà ìdánwò, igbe kan náà ni gbogbo wọn ń ké: bí wọ́n bá dé ìpele kejì, géèmù á kàn kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láìsọ ohunkóhun. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Mi ò rí oorun sùn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní ánímẹ́ṣọ̀nù ló ń jẹ mẹ́mórì, pé kí n dín kókó fírémù, ìyẹn keyframe, kù. Mo ṣe é. Mo ṣí gbogbo fáìlì FBX lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yí Anim. Compression kúrò ní Off sí Optimal, mo tẹ Apply, mo sì jókòó ti kọ̀ǹpútà fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Mẹ́gábáìtì kan ṣoṣo kò kúrò. Mo gbé Rotation Error, ìyẹn iye dígírì tí yíyí eegun lè fi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, dé 2, bákan náà ló rí. Ayàwòrán tí a jọ ṣe é kò gbé ìpè mi mọ́ láti oṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?

Ìyá Olóhùn: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Irú rẹ̀ ṣe èmi náà rí. Gbogbo orin inú géèmù mi ni mo fi sí Decompress On Load, àṣé odindi ni wọ́n ń tú ara wọn sínú mẹ́mórì bí mo bá ti ṣí i. Ìgbà tí mo sọ àwọn orin gígùn di Streaming ni ara tó tù mí. Yẹ ohùn rẹ wò.

Kóòdù Kì í Purọ́: Ìyá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ohùn kọ́ ló béèrè. Àmọ́ ìwọ Eléré Òru, ta ni "wọ́n" tó sọ fún ọ pé ánímẹ́ṣọ̀nù ni? O sọ̀rọ̀ ayàwòrán, o sọ̀rọ̀ oorun, o kò sọ iye mẹ́mórì tó wà lórí fóònù, o kò sọ iye ánímẹ́ṣọ̀nù tó o ní, o kò sọ bóyá orí fóònù lo ti wọ̀n ọ́n tàbí inú kọ̀ǹpútà. Ohun tó o bá wọ̀n nínú Editor kì í ṣe òótọ́ nípa fóònù.

Eléré Òru: Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí o. Orí fóònù tó ní 2 GB ni mo ti fi Memory Profiler wò ó. AnimationClip nìkan gba 190 MB, wọ́n jẹ́ 140. Gbogbo àwòrán ara ẹ̀dá ti wà ní ASTC, wọn kò tó ìdá mẹ́ta èyí. Ánímẹ́ṣọ̀nù ni, ó dá mi lójú.

Kíákíá: Optimal kọ́ ló yẹ kó o mú. Mú Keyframe Reduction and Compression. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́: ó ń dín wọn kù, ó tún ń fún wọn pọ̀. Ohun tí mo lò nìyẹn, géèmù mi sì kéré gan-an báyìí.

Eléré Òru: Mi ò rí i nínú àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀. Mẹ́ta péré ni mò ń rí.

Bàbá Eegun: O kò lè rí i, torí Legacy nìkan ló wà fún, tìrẹ sì ni Generic tàbí Humanoid. Kíákíá, òótọ́ ni pé fáìlì rẹ kéré sí i, àmọ́ orí dísíìkì ló mọ. Bí géèmù bá ti gbé e sínú mẹ́mórì, iye tí Keyframe Reduction lásán máa gbà náà ló máa gbà. Èyí tó ń pa géèmù Eléré Òru ni mẹ́mórì, kì í ṣe bí ohun tí èèyàn ń gbà wọlé ṣe tóbi tó.

Àbúrò, tẹ ẹyọ kan nínú àwọn ánímẹ́ṣọ̀nù yẹn, kó o wo ìsàlẹ̀ Inspector. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń ka Constant, Dense àti Stream. Kọ ohun tó o bá rí síbí. Sọ bí ó ṣe gùn tó pẹ̀lú.

Eléré Òru: Ìṣẹ́jú àáyá 4 ni, fírémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Eegun 60. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: Curves Total: 600, Constant: 11 (1.8%) Dense: 0 (0.0%) Stream: 589 (98.2%).

Bàbá Eegun: Optimal kò fọwọ́ kan èyí láéláé. Bí ó bá kàn án ni, púpọ̀ nínú curve, ìyẹn ìlà iye tó ń darí eegun, tí kò yí padà ì bá ti bọ́ sí Constant, Dense náà kì bá tí wà ní òdo. Ìbéèrè kan: ṣé abẹ́ FBX ni ánímẹ́ṣọ̀nù yìí wà, àbí ó dá dúró ní fáìlì .anim tirẹ̀?

Eléré Òru: Ó dá dúró. Èyí tó wà nínú FBX, wọn kì í jẹ́ kí n fi event sí i nínú fèrèsé Animation, mo sì fẹ́ kí ìró ẹsẹ̀ máa dún bí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀. Nítorí náà mo yan gbogbo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ Ctrl+D, mo kó wọn sínú fódà kan. Animator ń lo àwọn yẹn. Ṣé ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí ni?

Kóòdù Kì í Purọ́: Háà! Ohun tó yẹ kó wà ní ìlà àkọ́kọ́ rèé o. A ti ń rò ó láti àárọ̀.

Eléré Òru: Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo ti kọ́ ọ ni wọ́n ti ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?

Bàbá Eegun: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Bí o bá ti ṣe ẹ̀dà .anim, ó ti já kúrò lọ́wọ́ FBX. Ó gbé ìrísí tó ní lọ́jọ́ náà lọ, Off sì ni lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tó o ń yí lórí FBX báyìí, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò lò ló ń bá wí.

Wo ìṣirò rẹ̀. Eegun kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́wàá: mẹ́rin fún yíyí, mẹ́ta fún ipò, mẹ́ta fún títóbi. Eegun 60 di ìlà 600. Ìṣẹ́jú àáyá 4 di fírémù 120. Ní Stream, kókó kọ̀ọ̀kan ń gbà tó báìtì 20, torí kì í ṣe iye kan ṣoṣo ló ń tọ́jú bí kò ṣe gbogbo bí ìlà ṣe tẹ̀ títí dé kókó tó kàn. 600 lọ́nà 120 lọ́nà 20 jẹ́ mẹ́gábáìtì kan àti ààbọ̀ dín díẹ̀. Sọ ọ́ di ọ̀nà 140, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 190 tó o rí mu.

Ṣí ìlà títóbi eegun ọwọ́ kan wò. Mo mọ ohun tó o máa rí.

Eléré Òru: 1, 0.9999998, 1.000001, 1, 0.9999999. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìparí. Ọwọ́ yẹn kò tóbi, kò kéré rí láyé rẹ̀!

Bàbá Eegun: Ìdí nìyẹn tí Constant fi jẹ́ 11 péré. Iye tó ń gbọ̀n díẹ̀ báyìí kò lè bọ́ sí Constant, ó sì ń jẹ mẹ́mórì bí ìlà gidi.

Ayàwòrán Kan: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da èyí lé ayàwòrán lórí o. Bí a bá ń kó iṣẹ́ jáde sí FBX, a máa ń tẹ gbogbo fírémù mọ́ eegun kí ìrìn má bàa yí padà lọ́nà. Kókó mẹ́jọ péré ni mo lè fi ọwọ́ ara mi sí ẹsẹ̀ kan, 120 ló máa jáde. Èmi náà mọ bí ó ṣe ń rí kí wọ́n máa pè mí lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí.

Bàbá Eegun: Òótọ́ lẹ sọ. Àbúrò, padà sí àwọn tó wà nínú FBX. Event ṣeé fi síbẹ̀: táàbù Animation ní Import Settings, lọ sí Events nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi wọ́n rọ́pò àwọn ẹ̀dà nínú Animator. Bí ẹ̀dà kan bá wà tó o ti tún ṣe lọ́wọ́ tí o kò lè pàdánù rẹ̀, o ṣì lè yọ ìlà títóbi rẹ̀ pẹ̀lú èyí:

```csharp
foreach (var b in AnimationUtility.GetCurveBindings(clip))
    if (b.propertyName.StartsWith("m_LocalScale"))
        AnimationUtility.SetEditorCurve(clip, b, null);
```

Tọ́jú fódà yẹn síbòmíràn kó o tó ṣe é. Má sì ṣe é fún ẹ̀dá tó ń fẹ̀ tó ń sún kì.

Eléré Òru: Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà nínú géèmù mi tó máa ń pẹlẹ bí ó bá balẹ̀. Màá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Event wà lórí 31 péré nínú 140, mi ò mọ̀ pé wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì.

Ìyá Olóhùn: Ṣé o ti yẹ ohùn yẹn wò?

Eléré Òru: Mo ti padà dé. Mo fi Rotation Error sí 0.5 bí Unity ṣe gbé e fún mi. AnimationClip ti bọ́ láti 190 MB sí 34 MB lórí fóònù náà! Mo gba ìpele kejì já lẹ́ẹ̀mẹfà, kò kú. Ìyá, mo yẹ ohùn wò, orin méjì wà níbẹ̀ tó ṣe bí tiyín gẹ́lẹ́, ẹ ṣeun.

Àmọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọ̀tá ń yọ̀ lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá dúró lásán, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn ń rá pálá.

Kíákíá: Fi í sílẹ̀. Ojú fóònù kéré, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ìdajì dígírì kì í ṣe nǹkan.

Bàbá Eegun: Ìdajì dígírì ní ìbàdí kì í ṣe ìdajì dígírì ní ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gùn ní mítà kan, ìdajì dígírì lókè máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kúrò ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Orúnkún á tún fi tirẹ̀ kún un, ọrùn ẹsẹ̀ náà á fi tirẹ̀ kún un. Ojú kì í fojú fo ẹsẹ̀ tó yẹ kó dúró lórí ilẹ̀. Gbé ìdúró àti ìrìn wá sí 0.1, fi ìjà àti ìṣubú sílẹ̀ ní 0.5, torí wọ́n yára. Fi ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ ni kó o máa wò.

Kóòdù Kì í Purọ́: Kí ló dé tí kò fi lo Foot IK?

Bàbá Eegun: Ti Humanoid nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ọ̀tá rẹ̀ kì í ṣe Humanoid, mo sì rò pé kò yẹ kó fi ìṣirò kún fóònù 2 GB nítorí àṣìṣe tó ṣeé dín kù níbi tó ti wá.

Kóòdù Kì í Purọ́: Èmi kò gbà. Ìṣirò ẹsẹ̀ méjì kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, kò sì di dandan kó jẹ́ ti Unity ló máa lò.

Eléré Òru: Ìṣòro kan tún wà tí mi ò tíì sọ. Anim. Compression àti àwọn Error yẹn, odindi FBX ni wọ́n ń mú, mi ò rí ti ánímẹ́ṣọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán mi sì kó gbogbo ìrìn, ìjà àti ìṣubú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sínú FBX kan ṣoṣo, èmi ni mo gé e sí wẹ́wẹ́ nínú Unity.

Ayàwòrán Kan: Òun ló gbọ́dọ̀ tún un kó jáde nìyẹn, ìdúró àti ìrìn sí fáìlì kan, ìyókù sí òmíràn. Bí fáìlì eegun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Àbí FBX nìkan ló fún ọ?

Eléré Òru: FBX nìkan. Mo ti gbé gbogbo wọn sí 0.2 ní báyìí, ó jẹ́ 47 MB, ẹsẹ̀ ìrìn ti dúró dáadáa, ti ìdúró lásán ló ṣì ń rá díẹ̀. Mo tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ yìí. Mi ò bínú nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, fáìlì eegun nìkan ni mo béèrè.