Ta ló fi ọ̀gá sí Bcc?

Àbẹ̀kẹ́ Sítọ́ọ̀: Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Dísù jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé wá jẹ́ lítà 1,800, ṣùgbọ́n 2,000 ló wà nínú ínfọ́ìsì. Bọ̀dá kan ní akáńtì kọ ímeèlì sí ọ̀gá ẹ̀ka ìrajà, ó fi àwa sítọ́ọ̀ sí Cc, ó wá rọra fi ọ̀gá àgbà sí Bcc. Ọ̀gá kà á lórí fóònù, ló bá tẹ Reply all: "Ta ló fọwọ́ sí 2,000?" Bí gbogbo wa ṣe mọ̀ pé ọ̀gá ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ìrajà ní wọ́n ti lọ fẹjọ́ òun sùn. Títí dòní, kì í dá bọ̀dá yẹn lóhùn tó bá kí i.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Bcc ò ní kí ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ má fèsì. Tó bá ti tẹ Reply all, ẹni tó kọ̀wé àti gbogbo ẹni tó wà ní To àti Cc ló máa rí i. Ẹ tún wo ibòmíì: tí ìrajà bá fèsì sí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn, èsì náà ò ní dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, torí orúkọ rẹ̀ ò hàn sí wọn. Orí ẹjọ́ nìkan ló máa gbọ́. Èmi máa ń kọ̀wé sí àwọn tọ́rọ̀ kàn ná, lẹ́yìn náà ni mo máa lọ sínú Sent, kí n fi Forward gbé e lọ fún ọ̀gá nìkan. Kó tẹ Reply all títí, ọ̀dọ̀ mi nìkan ló máa bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kó gbogbo wọn sí Bcc, ìjà parí! Kò sẹ́ni tó máa lè fèsì sí gbogbo ayé.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ìkéde ọlidé. Lórí ọ̀rọ̀ dísù yìí ńkọ́? Ìrajà máa fèsì, akáńtì nìkan ló máa rí i. Sítọ́ọ̀ tó wọn dísù ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun.

Ìyá Tìmí: Ẹ jọ̀ọ́, tiwa náà rèé. Ọmọ tó jókòó tì mí kọ̀wé pé kí n bá òun ra ẹ̀bà, ẹ̀ka mẹ́rin ló kà á! Ó ní òun ò tẹ Reply all, Gmail ló ṣe é.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Ó ṣeé ṣe o, màmá. Kó lọ sí Settings, kó wo Default reply behavior. Tó bá jẹ́ Reply all ló wà níbẹ̀, kó yí i sí Reply. Kó fi Undo Send náà sí 30, ìyẹn á fún un ní ìdajì ìṣẹ́jú láti fà á padà. Tí ìyẹn bá ti kọjá, ẹ̀bà ti lọ nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Sítọ́ọ̀: Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n Forward yẹn, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn náà la ṣì gbà lọ bá ọ̀gá? Èmi rò pé Cc gbangba ló yẹ.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Nígbà tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu ìrajà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ná.

Àbẹ̀kẹ́ Sítọ́ọ̀: Wọn ò tíì dáhùn o. Lítà 200 ṣì wà níta.