Owó "Pending" tí kò dé ọwọ́: ẹ sọ ti yín

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù káṣíbáàkì kan kọ ọ́ gàdàgbà pé 10% lòun máa dá padà fún mi tí mo bá gba ọ̀dọ̀ òun rajà. Ká pe gbogbo owó tí mo san ní 100. Mo ti ń fi 10 ṣe ètò nínú ọkàn mi. Nígbà tó máa yọjú, 6 ni mo rí, wọ́n sì kọ "Pending" sí i lára.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní 8 nínú 100 yẹn jẹ́ owó ìfiránṣẹ́, 7 jẹ́ owó orí ọjà, àwọn ò sì ń ka méjèèjì mọ́ ọn. Ó ku 85, 10% rẹ̀ sì jẹ́ 8.5. Àmọ́ òfin wọn tún ní ìrajà kan ò lè mú ju 6 wá. Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin eèrà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò lè gba owó jáde àfi tó bá pé 20. Mo ti rajà lẹ́ẹ̀mẹta, 18 ni gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n tún lọ ra ohun tí mi ò nílò ni?

Ọmọ Áàpù
Àǹtí, ẹ má dààmú. "Pending" yẹn, ẹ̀rọ wọn ló ń falẹ̀. Ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, kí ẹ tún un gbé sí i. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀, owó mi jáde lọ́jọ́ kejì.

Alárinà Àtijọ́
Àbúrò, ọjọ́ rẹ ló pé, kì í ṣe yíyọ tó o yọ ọ́.

Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí irú ètò yìí rí. Ṣọ́ọ̀bù ló ń san owó alárinà fún áàpù torí pé ó mú oníbàárà wá, áàpù á wá fún yín nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kì í sì í san án títí ìgbà tí ẹ lè dá ọjà padà yóò fi kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń dúró fún 30 ọjọ́, nígbà míì 90.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù tún yàtọ̀ síyẹn. Tí ẹ bá tẹ línkì áàpù, ó máa ń fi àmì sínú búráúsà yín. Línkì tí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn ló sábà máa ń gba owó náà. Ẹ wá kúrò níbẹ̀, ẹ lọ wá kóòdù ẹ̀dínwó níbòmíì kí ẹ tó sanwó: àmì ti ibẹ̀ ti bo tàkọ́kọ́ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé, bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá tí "Pending" gan-an ò yọ, àmì ló sọnù. Ẹ fi rìsíìtì àti nọ́ńbà ọjà ránṣẹ́ sí áàpù. Tó bá ti yọ rí, tó wá di "Declined", ṣọ́ọ̀bù ló kọ̀ ọ́.

Aláìsùn
Tèmi kì í ṣe ti ọjà o. Èèyàn 12 ni mo pè wọ áàpù kan, 3 péré ni wọ́n san owó lé lórí. Mo bi àwọn 9 tó kù léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn 3 ti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó rántí kóòdù mi. Àwọn 4 forúkọ sílẹ̀, wọn ò fi áàpù náà ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ náwó nínú rẹ̀ ni tèmi máa tó jáde. Àwọn 2 tó kù, àánú ló ṣe mí, mo ní kí wọ́n fi fóònù mi forúkọ sílẹ̀. Áàpù ní èmi ni mò ń pe ara mi, ó ti àkáǹtì mi pa fún ọ̀sẹ̀ kan!

Ojú Ọjà
Ẹ dákun, èmi náà ní 450 nínú wálẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n ní kí n san 30 kí wọ́n tó ṣí i. Ṣé òun ni 20 tí àǹtí ń sọ?

Alárinà Àtijọ́
Rárá o, má san án! Ohun tó o ti jèrè ni 20 ti àǹtí. Bí owó iṣẹ́ bá wà tí wọ́n fẹ́ gbà, inú 450 ni wọ́n á ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ní kó o mú owó wá kó o tó gba owó, nọ́ńbà lásán ló kọ sójú fóònù rẹ.

Ìyá Ìbejì
Méjì ti di "Confirmed" láàárọ̀ yìí. Ẹ̀kẹta ti di "Declined". Bàtà méjì ni mo rà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan ò bá ẹsẹ̀ mi mu, mo dá a padà. Ṣé torí ọ̀kan ni wọ́n ṣe fagi lé gbogbo rẹ̀?

Alárinà Àtijọ́
Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń yọ ti ọjà tẹ́ ẹ dá padà nìkan. Àwọn míì á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi rìsíìtì èyí tó wà lọ́wọ́ yín ránṣẹ́ ná.

Ìyá Ìbejì
Mo ti fi ránṣẹ́. 12 ló wà ńbẹ̀ báyìí.