Èjì aláìṣiṣẹ́, èjì àpọ́n, àbí èjì àdáni?

Olùkọ́ kan, Àjàṣẹ́-Ìpo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé kẹ́mísírì kékeré kan ní Yorùbá fún àwọn ọmọ girama. Nínú omi, átọ́ọ̀mù ọ́ksíjìn ní àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì-méjì kan tí kò bá háídrójìn pín. Kí ni ká máa pè wọ́n? Mo ti kọ “èjì aláìṣiṣẹ́” sílẹ̀ ná. Ṣé ó bọ́ sí i?

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, “èjì àpọ́n” ló dáa jù. Àpọ́n ò tíì gbéyàwó. Àwọn yìí náà ò tíì bá átọ́ọ̀mù kankan dà pọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé. Ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ náà ò sì le. Mólékù tó bá ti ní àpọ́n, agbára iná rẹ̀ ti fà sápá kan nìyẹn. Èyí tí kò bá ní, kò fà síbì kankan.

Ìyá tó ń ta ìwé, Ìlọrin

Àsàláàmù àléékún o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi “aláìṣiṣẹ́” sínú ìwé ọmọ. Nínú ìdánwò táàmù tó kọjá, ọmọ mi ya omi gbọọrọ bí ọ̀pá: háídrójìn, ọ́ksíjìn, háídrójìn, lórí ìlà kan ṣoṣo. Òdo ni wọ́n fún un. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní tíṣà ti sọ pé àwọn tó kù lára ọ́ksíjìn ò ṣe nǹkan kan, ni òun ò bá kà wọ́n. Èmi ò kàwé dé ibẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá ní kò ṣe nǹkan kan, ọmọ ò ní yà á. Ti “àpọ́n” yẹn náà ń kọ́? Ní àdúgbò wa, àwọn onílé kan kì í gba àpọ́n sílé. Ṣé torí pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí ò rílé gbé ni ẹ fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ kẹ́mísírì, Ọ̀mù-Àrán

Ìyá wa, wọ́n rílé gbé, àyè tí wọ́n gbà tiẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un ló ṣì í lọ́nà.

Ní kíláàsì tèmi, bàlúùnù ọjọ́ ìbí ni mo fi ń ṣe é. Màá fẹ́ mẹ́rin, màá so ìdí wọn pọ̀, màá jù wọ́n sórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò ní tò wọ́n. Wọ́n á ti ara wọn títí kálukú á fi jìnnà sí ìkejì tó bó ṣe lè jìnnà. Mẹ́ta á dúró bí ẹsẹ̀ àpótí, ìkẹrin á nà sókè. Igun tó wà láàárín èyíkéyìí méjì á sún mọ́ 109.5°. Bí kábọ́ọ̀nù ṣe di háídrójìn mẹ́rin mú nínú gáàsì mẹ́tẹ́ènì gan-an nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí omi. Ọ́ksíjìn ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà lóde ara. Ó fi ọ̀kan bá háídrójìn kìíní pín, ó fi ọ̀kan bá ìkejì pín, ó ku mẹ́rin, ìyẹn èjì lọ́nà méjì. Sàkáání mẹ́rin, ìyẹn àyè tí èjì kọ̀ọ̀kan gbà, ló yí i ká, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń du àyè. Èyí tí òun àti háídrójìn jọ ní, átọ́ọ̀mù méjì ló ń fà á, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Èyí tí òun nìkan ní, kò sẹ́ni tó ń fà á lápá kejì, ó wá tẹ́ rẹrẹ mọ́ ọ́ksíjìn lára, ó sì ń ti àwọn háídrójìn sún mọ́ ara wọn. Nínú amóníà tó ní ẹyọ èjì bẹ́ẹ̀ kan, 109.5° di nǹkan bí 107°. Nínú omi tó ní méjì, ó di 104.5°.

Tó bá wá di ká sọ bí mólékù ṣe rí, átọ́ọ̀mù nìkan là ń wò, la fi ń sọ pé omi tẹ̀. Ibi tí ọmọ yín ti ṣìṣe ni pé ó gbójú kúrò lára wọn kó tó kà wọ́n. Kíkà ló ṣáájú.

Ìmọ̀ràn tèmi ni “èjì àdáni”, ká sì máa pe èyí tí átọ́ọ̀mù méjì jọ ní ní “èjì àjọní”. Ẹni tó bá gbọ́ “àdáni” á fẹ́ mọ ẹni tó dá a ní. Átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni, òun náà ló sì fà á tó fi ń gba àyè.

Ọmọ Ọ̀fà

Àǹtí, mo gba àdáni. Ṣùgbọ́n omi ní in, ó fà sápá kan; amóníà ní in, ó fà. Ẹjọ́ mi ò yí padà níbẹ̀ yẹn.

Olùkọ́ kẹ́mísírì, Ọ̀mù-Àrán

Àbúrò, wo XeF4. Sẹ́nọ́nù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ lóde, ó fi mẹ́rin bá flúórínì mẹ́rin pín, ó ku èjì àdáni méjì. Sàkáání mẹ́fà nìyẹn. Níwọ̀n bí àwọn àdáni ti ń gba àyè jù, ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan lọ sísàlẹ̀, wọ́n dojú kọ ara wọn. Flúórínì mẹ́rin wá tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín, wọ́n ní igun mẹ́rin tó dọ́gba. Bí èyí ṣe ń fà síhìn-ín ni èkejì ń fà sọ́hùn-ún. Àdáni méjì wà níbẹ̀, mólékù náà ò sì fà sápá kankan.

Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni NH3, ìyẹn amóníà, àti NF3. Méjèèjì ní àdáni ẹyọ kan lórí náítrójìn, ìrísí wọn sì jọra. Nínú NH3, náítrójìn ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lọ́dọ̀ háídrójìn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ní apá ibi tí àdáni náà wà. Méjèèjì ti ara wọn lẹ́yìn, ìwọ̀n fífà náà sì tó 1.47 débáì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn irú fífà bẹ́ẹ̀. Nínú NF3, flúórínì ló lágbára ju náítrójìn lọ. Ó ń fà lọ sápá tirẹ̀, àdáni dúró ní òdìkejì, wọ́n ń pa agbára ara wọn. Ohun tó ṣẹ́ kù ò ju nǹkan bí 0.23 débáì lọ. Tó o bá kàn wò ó pé àdáni wà, ò lè mọ èyí. Àfi kó o mọ apá tí ohun kọ̀ọ̀kan ń fà sí.

Bàbá kan tó ń túmọ̀ èdè, Ìlọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. “Àpọ́n” ò lè dúró, torí ẹnì kan ni àpọ́n. Bí wọ́n bá ti di méjì, àpọ́n ti tán. “Sàkáání” tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, torí ibi tí àṣẹ ẹni dé ni. “Fífà sápá kan” ni mi ò gbà. Gbólóhùn ni, kì í ṣe orúkọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “olórí-tìdí”, mólékù tó ní orí tó sì ní ìdí.

Olùkọ́ kẹ́mísírì, Ọ̀mù-Àrán

Bàbá, mo júbà. Ṣùgbọ́n káábọ́ọ̀nù òun ọ́ksíjìn méjì, CO2, gùn gbọọrọ bí ọ̀pá. Ọmọ á ní ó lórí, ó nídìí. Bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ méjèèjì dọ́gba ni, kò sì fà síbì kan.

Bàbá kan tó ń túmọ̀ èdè, Ìlọrin

Orí kì í jọ ìdí, ọmọ mi. Ohun tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, a kì í sọ pé ó lórí.

Ọmọ Ọ̀fà

Mo ti jáwọ́ nínú àpọ́n. Ìbéèrè kan ló kù: sọ́fúrù wà lábẹ́ ọ́ksíjìn gan-an, òun náà ní àdáni méjì, àmọ́ igun H2S ò ju nǹkan bí 92° lọ. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ 104.5°?

Olùkọ́ kẹ́mísírì, Ọ̀mù-Àrán

Ọgbọ́n sàkáání á sọ fún ọ pé ó tẹ̀, àti pé igun rẹ̀ ò ní tó 109.5°. Ó jàre nínú méjèèjì. Iye rẹ̀ gan-an ni kò lè sọ. Àwa ń wọn ìyẹn ni.

Olùkọ́ kan, Àjàṣẹ́-Ìpo

Mo ti fagi lé “aláìṣiṣẹ́”. Èjì àdáni àti èjì àjọní ló wà nínú orí kẹta báyìí, mo sì ti fi bàlúùnù mẹ́rin sí i. Níbi ọ̀rọ̀ olórí-tìdí àti fífà sápá kan, mo ṣì fi àyè sílẹ̀.