Bàbá mi tí kíndìnrín ń dà láàmú ń rù, wọ́n sì ní èmi ni mo ń fi ebi pa wọ́n

Ọmọ Bàbá, Ìbàdàn: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa. Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi, tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ń gbé. Ìwé oúnjẹ tí ilé ìwòsàn fún wa sọ pé kí ẹran, ẹja àti ẹyin mọ níwọ̀n gan-an, nítorí náà ẹja kékeré kan péré ni mò ń bù fún wọn lóòjọ́. Mo ti gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti omi àgbọn lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá wá láti Abẹ́òkúta, ó rí bí egungun àyà wọn ṣe yọ, ó sì ń pariwo fún gbogbo ẹbí pé ebi ni mo fi ń pa bàbá wa, bẹ́ẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ara tún ń yún wọn lóru débi pé wọ́n ń ha ẹ̀yìn mọ́ ògiri. Kí ni kí n máa fún wọn jẹ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n yín lóhùn. Pọtáṣíọ̀mù ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí pé kíndìnrín tí kò lágbára mọ́ kò lè tì í jáde sínú ìtọ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, ọkàn lè dédé dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa rẹ iṣu sínú omi mọ́jú, kí ẹ sì fòfin de gbogbo èso pátápátá.

Àlàájì, Ọ̀yọ́: Kíndìnrín yọ èmi náà lẹ́nu ní ọdún 2019. Òkúta ni wọ́n bá níbẹ̀, omi púpọ̀ ló sì yọ mí. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa mu lítà mẹ́ta lóòjọ́.

Onímọ̀ Oúnjẹ: Ẹ forí jì mí, Àlàájì, òkúta yàtọ̀ sí kíndìnrín tó ń kú lọ. Ẹni tí kò tọ̀ dáadáa mọ́, lítà mẹ́ta lè dá omi sí i nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa ọkàn, ṣùgbọ́n rírẹ nìkan kò tó. Kí wọ́n bó iṣu, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi omi púpọ̀ sè é, kí wọ́n sì da omi náà nù, nítorí inú rẹ̀ ni pọtáṣíọ̀mù ń bọ́ sí. Ẹni tó bá sọ omi yẹn di àsáró ti dá a padà sínú abọ́. Èso náà kò rí bákan náà: ápù kékeré kan kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ Bàbá, kílò mélòó ni wọ́n wọ̀n, ṣé wọ́n sì ti ń fọ ẹ̀jẹ̀?

Ọmọ Bàbá: Èmi kì í ṣe ahun, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni mo tẹ̀ lé. Kílò 60 ni wọ́n wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ tán ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ni wọ́n ń lọ, owó wa kò ká ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìwé oúnjẹ náà ti wà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀.

Onímọ̀ Oúnjẹ: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣáájú fífọ ẹ̀jẹ̀, a máa ń dín purotéènì kù kí ìdọ̀tí tó ń dá sílẹ̀ má baà pọ̀ ju agbára kíndìnrín lọ. Ẹni tó wọn kílò 60 kì í sábà kọjá gíráàmù 36 sí 48 lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ ń gbé lára ohun tí ara fi ń mọ ẹran lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí, nítorí náà Bàbá nílò gíráàmù 60 sí 72 báyìí. Ẹja kékeré yẹn lè má ju 20 lọ. Funfun ẹyin mẹ́ta láàárọ̀ tó nǹkan bí 11. Ègé ẹja tútù tó tó àtẹ́lẹwọ́ lọ́sàn-án àti ègé adìyẹ lálẹ́ á gbé e dé nǹkan bí 55, ìrẹsì àti búrẹ́dì á sì kún ìyókù. Mo yan funfun nítorí pé inú pupa ẹyin ni èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ wà, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ sì wà lára ohun tó lè fa irú yíyún yẹn. Ẹ yẹra fún ẹja gbígbẹ tí a ń rún tegungun-tegungun, àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò dúdú. Ti pọtáṣíọ̀mù kò tíì yí padà: láti Ẹtì sí Ìṣẹ́gun jìn, ó sì ń gorí ara wọn ni, nítorí náà ẹ ṣọ́ oúnjẹ ọjọ́ Àìkú àti Ajé jù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀wà ńkọ́? Dókítà ní kí ọkọ mi má fẹnu kàn án rárá.

Onímọ̀ Oúnjẹ: Àwọn mìíràn ń gbà á láyè níwọ̀nba, nítorí pé ara kì í fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ẹ̀wà mu tó ti inú ẹran. Èsì àyẹ̀wò ọkọ yín ni dókítà ń wò.

Ìyá Ìbejì: Èmi kò ní dán an wò.

Ọmọ Bàbá: Ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n tún ní oògùn kálísíọ̀mù kan tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó sùn.

Onímọ̀ Oúnjẹ: Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń gbá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú, àárín oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, torí pé kò rí nǹkan kan gbá mú nínú ikùn òfìfo. Ẹ gbé páálí rẹ̀ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì kọ ìwé oúnjẹ tuntun fún yín. Kí ni èsì àyẹ̀wò tó kẹ́yìn wí?

Ọmọ Bàbá: A kò tíì ṣe é láti ìgbà tó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni a ń san owó rẹ̀.

Onímọ̀ Oúnjẹ: Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, ti pọtáṣíọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ san, nítorí pé ó lè má fi àmì kankan hàn kí ó tó kan ọkàn.